Báwo Ló Ṣe Yẹ Kí Olùwòye Yára Ju Olùdarí Lọ Tó? Àgbéyẹ̀wò Kan

Òfin kan wà tí ẹni tó bá kọ́ ẹ̀kọ́ ìdarí ẹ̀rọ, ní FUTA ní Àkúrẹ́ tàbí níbòmíràn, kì í gbàgbé bọ̀rọ̀: bí o bá ń ṣe olùwòye tí yóò máa sọ ipò ẹ̀rọ fún olùdarí, jẹ́ kí póòlù olùwòye yára ju póòlù olùdarí lọ ní ìlọ́po méjì sí márùn-ún. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé Katsuhiko Ogata wí. Ìwé Franklin, Powell àti Emami-Naeini ní ìlọ́po méjì sí mẹ́fà. Òfin tó dára ni. Ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú àwọn tó mọ̀ ọ́n sórí ló lè sọ ibi tó ti wá, ìgbà tó yẹ kí a dúró sórí méjì, ìgbà tó yẹ kí a dé mẹ́fà, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá fò ó lọ sí ogún. Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, lórí ohun kan ṣoṣo tí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó: táǹkì omi.

Táǹkì méjì, sẹ́ńsọ̀ kan

Ẹ jẹ́ ká fi ilé akẹ́kọ̀ọ́ kan ní apá ojú ọ̀nà Ọ̀dà ṣe àpẹẹrẹ. Pọ́ǹpù ń fa omi láti inú kànga ẹ̀rọ sínú táǹkì kìíní. Páìpù kan láti ìdí táǹkì kìíní ló so ó mọ́ táǹkì kejì, inú táǹkì kejì yìí sì ni omi ti ń ṣàn lọ sí àwọn yàrá. Ìdí táǹkì kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin kan, nítorí náà sẹ̀ǹtímítà 1 omi jẹ́ lítà 10. Sẹ́ńsọ̀ kan ṣoṣo ló wà, ara táǹkì kejì ló sì wà, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ará ilé ti ń lo omi. Kò sí nǹkan kan tó ń wọn táǹkì kìíní.

Táǹkì kìíní yìí gan-an ló sì ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń darí pọ́ǹpù. Omi tó wà nínú rẹ̀ ni omi tó ń bọ̀ lọ́nà. Olùdarí tó bá ń wo táǹkì kejì nìkan yóò máa fún omi sí i títí tí ìkejì yóò fi kún, nígbà tí ìkìíní ti ń ṣàn dànù láti òkè.

Ìṣirò wọn kò le. Láàárín ìṣẹ́jú kan, ìdá 0.2 nínú ìyàtọ̀ gíga omi méjèèjì ló ń kọjá nínú páìpù àárín, ìdá 0.1 nínú gíga omi táǹkì kejì ló sì ń jáde lọ sí yàrá. Bí a bá fi `h1` àti `h2` dúró fún gíga omi ní sẹ̀ǹtímítà, tí `u` sì jẹ́ omi tí pọ́ǹpù ń mú wá ní sẹ̀ǹtímítà láàárín ìṣẹ́jú kan, ohun tí a ní nìyí:

```
dh1/dt = -0.2*h1 + 0.2*h2 + u
dh2/dt =  0.2*h1 - 0.3*h2
y      =  h2
```

Ní òwúrọ̀ tí gbogbo ilé ń wẹ̀, ká ní a fẹ́ kí táǹkì kejì dúró sí 60. Lítà 60 ni yóò máa jáde láàárín ìṣẹ́jú kan, pọ́ǹpù gbọ́dọ̀ máa mú lítà 60 wá, táǹkì kìíní yóò sì dúró sí 90. Ibi tí a fẹ́ kó wà nìyẹn. Láti ibí lọ, `x1` àti `x2` ni mo ń pe ìwọ̀n tí táǹkì kọ̀ọ̀kan fi kúrò níbi tó yẹ kó wà. Omi tó ń gba inú páìpù kọjá kì í tẹ̀lé ìlà gbọọrọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Gbòǹgbò onílọ́po-méjì gíga omi ni ìṣàn rẹ̀ ń tẹ̀ lé, nítorí náà ìṣirò yìí ṣeé gbára lé ní àyíká 90 àti 60 nìkan, kì í ṣe nígbà tí táǹkì bá ti fẹ́ gbẹ.

Póòlù ni iye tó ń sọ bí ìyàtọ̀ kan ṣe ń yára parẹ́ tó. Táǹkì méjèèjì yìí, bí a kò bá fọwọ́ kàn wọ́n, ní póòlù méjì: nǹkan bíi -0.04 àti -0.46. Ti àkọ́kọ́ ló lọ́ra. Ó ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 23 kí ìyàtọ̀ tó wà lórí rẹ̀ tó dín kù sí bí ìdá mẹ́ta rẹ̀. Ìyẹn pẹ́ jù, nítorí náà a ṣe olùdarí:

```
u = 6 - 0.2*x1 - 0.2*x2
```

Pẹ̀lú rẹ̀, póòlù di -0.3 àti -0.4. Ìyàtọ̀ tó ń gba ogún ìṣẹ́jú àti jù bẹ́ẹ̀ lọ tẹ́lẹ̀ wá ń dín kù sí ìdá mẹ́ta rẹ̀ láàárín bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ṣùgbọ́n `x1` wà nínú òfin olùdarí yìí, kò sì sí sẹ́ńsọ̀ tó ń wọ̀n ọ́n. Ibí ni olùwòye ti wọlé.

Ohun tí Luenberger ṣe

David Luenberger ló gbé olùwòye kalẹ̀ nínú iṣẹ́ ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Stanford ní 1963, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1964. Èrò rẹ̀ ni pé kí kọ̀ǹpútà máa ṣe ìṣirò táǹkì yẹn fúnra rẹ̀, kí a máa fún un ní `u` kan náà tí a ń fún pọ́ǹpù, kí ó sì máa fi `h2` tó rò wé `h2` tí sẹ́ńsọ̀ kà. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, ó fi ìyàtọ̀ wọn tún èrò rẹ̀ ṣe, lórí táǹkì kejì àti lórí táǹkì kìíní tí kò rí. Nítorí pé ó ń ro gbogbo ipò ẹ̀rọ náà, títí kan èyí tí sẹ́ńsọ̀ ti ń wọ̀n, ni a fi ń pè é ní olùwòye kíkún.

Ká kọ́kọ́ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí kò bá sí ìtúnṣe rárá. Ká ní kọ̀ǹpútà mọ `h2` dáadáa nígbà tó bẹ̀rẹ̀, àmọ́ tó fi sẹ̀ǹtímítà 30 ṣì táǹkì kìíní. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta, àṣìṣe náà ṣì tó 19. Lẹ́yìn odindi wákàtí kan, ó ṣì ju 1 lọ. Àṣìṣe ń parẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyára táǹkì fúnra rẹ̀ ló fi ń parẹ́, ìyẹn kò sì wúlò fún olùdarí tó fẹ́ parí iṣẹ́ rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ìtúnṣe ní iye méjì: `l1` ń sọ bí a ṣe máa fi ìyàtọ̀ inú sẹ́ńsọ̀ tún táǹkì kìíní ṣe tó, `l2` ń sọ ti táǹkì kejì. Bí a bá yọ ìṣirò olùwòye kúrò nínú ìṣirò táǹkì, `u` á pa ara rẹ̀ rẹ́, àṣìṣe nìkan ló máa ṣẹ́kù, póòlù rẹ̀ yóò sì jẹ́ gbòǹgbò ìṣirò yìí:

```
s^2 + (0.5 + l2)*s + (0.02 + 0.2*l1 + 0.2*l2)
```

Ká ní a fẹ́ kí olùwòye yára ju olùdarí lọ ní ìlọ́po mẹ́rin. Póòlù olùdarí jẹ́ -0.3 àti -0.4, ti olùwòye yóò jẹ́ -1.2 àti -1.6. Ìyẹn ni `s^2 + 2.8*s + 1.92`. Láti inú 2.8, `l2` jẹ́ 2.3. Láti inú 1.92, a yọ 0.02 kúrò, a yọ 0.46 tó jẹ́ ti `l2` kúrò, ó ku 1.44. A pín in pẹ̀lú 0.2, `l1` jẹ́ 7.2. Ẹni tó ní Octave lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lè fi ìlà mẹ́ta yẹ ìṣirò náà wò, lẹ́yìn tó bá ti pe àpò `control`:

```
pkg load control
A = [-0.2 0.2; 0.2 -0.3];
C = [0 1];
L = place(A', C', [-1.2 -1.6])'
```

Pẹ̀lú iye méjèèjì yìí, àṣìṣe sẹ̀ǹtímítà 30 yẹn di nǹkan bíi 2 lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta, kò sì tó 1 lẹ́yìn mẹ́rin.

A kò lè pín póòlù kiri bó ṣe wù wá àfi tí sẹ́ńsọ̀ bá lè rí ipa ohun tí a ń wá. Rudolf Kálmán ló fi ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀ ní 1960. Nínú ilé wa, iye 0.2 tó wà nínú ìlà `dh2/dt`, lẹ́gbẹ̀ẹ́ `h1`, ló jẹ́ kó ṣeé ṣe: táǹkì kìíní ń dá sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ìkejì. Bí ẹnì kan bá ti fáàfù páìpù àárín, iye yẹn di òdo, sẹ́ńsọ̀ táǹkì kejì kò sì ní lè sọ ohunkóhun nípa ìkìíní mọ́, kò sí póòlù tí a yàn tó lè yí i padà. Ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ wo fáàfù yẹn kó tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà.

Ṣé olùwòye tó lọ́ra ń ba olùdarí jẹ́?

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé olùwòye gbọ́dọ̀ yára torí pé bí ó bá lọ́ra, ẹ̀rọ yóò dojú rú. Ìṣirò kò sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a bá so olùdarí àti olùwòye pọ̀, póòlù mẹ́rin ni a ní: -0.3 àti -0.4 ti olùdarí, -1.2 àti -1.6 ti olùwòye. Kò sí èyí tó ṣí kúrò níbi tí a fi í sí. Bí a bá fi ti olùwòye sí -0.1 pàápàá, gbogbo rẹ̀ ṣì máa dúró, níwọ̀n ìgbà tí ìṣirò wa bá ti bá táǹkì mu.

Ohun tó jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ tún wà. Bí olùwòye bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ipò tó tọ̀nà, tí ìṣirò sì pé, tí sẹ́ńsọ̀ kò ṣì wí, àṣìṣe rẹ̀ á jẹ́ òdo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Olùdarí yóò ṣiṣẹ́ bí ẹni tó ń rí táǹkì méjèèjì, ì báà jẹ́ ìlọ́po kan ni olùwòye fi yára tàbí ogún. Nínú ayé tó pé, ìyára olùwòye kò já mọ́ nǹkan kan.

Nítorí náà, ohun tí ayé kò pé lé lórí ni a ń yan ìyára fún: ìbẹ̀rẹ̀ tí a kò mọ̀, pọ́ǹpù tí kò mú iye omi tí a ní kó mú wá, sẹ́ńsọ̀ tí kò kà déédéé. Méjì àkọ́kọ́ ń tì wá síwájú pé ká yára. Ẹ̀kẹta ń fà wá sẹ́yìn. Ohun tí `l1` àti `l2` ń ṣe ni pé wọ́n ń sọ bí a ṣe gbọ́ràn sí sẹ́ńsọ̀ tó, àti bí a ṣe gba ìṣirò wa gbọ́ tó. Póòlù olùdarí kàn ń sọ ibi tí a ti lè bẹ̀rẹ̀ ni: àṣìṣe gbọ́dọ̀ ti kúrò nílẹ̀ kí olùdarí tó parí iṣẹ́ rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èrò tí kò tọ̀nà ni yóò máa fi darí pọ́ǹpù fún èyí tó pọ̀ jù nínú àsìkò náà.

Ohun tó ń tì wá pé ká yára

Iná tó ń wọlé sí ilé wa kì í dúró sójú kan. Nígbà tí iná bá wálẹ̀, pọ́ǹpù kò ní lè mú gbogbo omi tí kọ̀ǹpútà pàṣẹ wá. Ká ní ó ń dín lítà 12 kù láàárín ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ìdá márùn-ún lítà 60, tí kọ̀ǹpútà kò sì mọ̀. Olùwòye yóò máa rò pé omi tó wà nínú táǹkì kìíní ju bó ṣe wà lọ.

Bí kò bá sí ìtúnṣe, àṣìṣe yẹn yóò dàgbà títí yóò fi dé sẹ̀ǹtímítà 18, ibẹ̀ ni yóò sì dúró. Bí olùwòye bá yára bí olùdarí gan-an, ó di 5. Ní ìlọ́po mẹ́rin, ó di 1.6. Ìtúnṣe kò lè lé e dé òdo láé, torí olùwòye kò ní ibi tí yóò kọ ọ́ sí pé pọ́ǹpù ń jalè. Ohun tó lè ṣe ni pé kó máa gbọ́ràn sí sẹ́ńsọ̀ púpọ̀ sí i.

Bí iná tó wálẹ̀ bá jẹ́ ìṣòro ojoojúmọ́, ọ̀nà tó tọ́ kì í ṣe kí a máa fi kún ìyára. Kí a fún olùwòye ní ohun kẹta tí yóò máa rò, ìyẹn iye omi tí pọ́ǹpù fi ń dín kù, kí a sì kà á sí ohun tí kì í yí padà kíákíá. Sẹ́ńsọ̀ táǹkì kejì lè rí ipa rẹ̀, nítorí náà ìṣirò rẹ̀ ṣeé ṣe. Àṣìṣe tí dídúró pọ́ǹpù sórí iye kan ń fà yóò sì dé òdo láìsí pé a yára jù.

Ohun tó ń fà wá sẹ́yìn

Omi inú táǹkì kì í dákẹ́. Bí ó ṣe ń wọlé ló ń ru, sẹ́ńsọ̀ sì ń ka ríru yẹn bí ẹni pé omi ń lọ sókè sódò. Ká ní ríru náà jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1 sókè, 1 sísàlẹ̀, tó sì ń yípo lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà. Ríru yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ táǹkì kìíní rárá, ṣùgbọ́n `l1` yóò gbé e dé ibẹ̀. Iye rẹ̀ nìyí, pẹ̀lú àṣìṣe tí iná tó wálẹ̀ ń fà:

| Ìlọ́po | `l1` | `l2` | Ríru nínú èrò lórí táǹkì kìíní | Àṣìṣe nígbà tí pọ́ǹpù dín lítà 12 kù |
|---|---|---|---|---|
| 2 | 1.4 | 0.9 | mìlímítà 0.2 | sẹ̀ǹtímítà 3.0 |
| 4 | 7.2 | 2.3 | mìlímítà 1.1 | sẹ̀ǹtímítà 1.6 |
| 10 | 53.4 | 6.5 | mìlímítà 8.5 | sẹ̀ǹtímítà 0.7 |
| 20 | 226.4 | 13.5 | mìlímítà 36 | sẹ̀ǹtímítà 0.3 |

Ẹ wo ìlà kejì sí ìkẹrin. Láti 4 lọ sí 20, ìyára di ìlọ́po márùn-ún, ṣùgbọ́n `l1` fi ju ìlọ́po ọgbọ̀n lọ pọ̀ sí i. Kì í ṣe èèṣì. `h1` ni a kò rí. A ń tọ́ka rẹ̀ láti inú bí `h2` ṣe ń yí padà, ẹni tó bá sì ń fi ìyípadà ṣe ìwọ̀n yóò máa sọ ríru kékeré di ńlá. Ní ìlọ́po ogún, a ti ra sẹ̀ǹtímítà kan àti díẹ̀ nínú àṣìṣe pọ́ǹpù, a sì fi sẹ̀ǹtímítà 3.6 ti ríru san án. Òwò àdánù ni.

Ìṣòro kejì ń fara hàn nígbà tí iná bá dé. Ká ní kọ̀ǹpútà tún bẹ̀rẹ̀, tó gbà pé táǹkì wà ní 90 àti 60 gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ. Táǹkì kìíní wà ní 90 lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ará ilé ti pọn omi nínú ìkejì, ó ti di 40. Olùwòye rí ìyàtọ̀ 20, ó sì fi `l1` sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ táǹkì kìíní. Ní ìlọ́po mẹ́rin, láàárín ìṣẹ́jú àáyá 43, èrò rẹ̀ ti kéré ju òótọ́ lọ ní sẹ̀ǹtímítà 37 kó tó padà. Ní ìlọ́po mẹ́wàá, láàárín ìṣẹ́jú àáyá 17, ó ti kéré ní 112. Táǹkì tí omi rẹ̀ wà ní nǹkan bíi 90, olùwòye ń sọ pé omi rẹ̀ ti lọ sí bíi 20 sísàlẹ̀ òdo. Olùdarí gbà á gbọ́, ó ní kí pọ́ǹpù fi lítà tó lé ní igba kún un láàárín ìṣẹ́jú kan.

Àwọn onímọ̀ mọ ìwà yìí dáadáa: bí àṣìṣe bá ṣe ń yára parẹ́ tó, ni ó ṣe ń kọ́kọ́ ga tó kó tó parẹ́. Héctor Sussmann àti Petar Kokotović kọ̀wé lé e lórí ní 1991, wọ́n sì fi hàn pé ó lè ba ẹ̀rọ tí kì í tẹ̀lé ìlà gbọọrọ jẹ́. Fún táǹkì wa, oògùn rẹ̀ rọrùn: kí olùwòye ka sẹ́ńsọ̀ lẹ́ẹ̀kan kó tó bẹ̀rẹ̀, kó sì fi ohun tó kà ṣe èrò ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lórí `h2`. Ìyàtọ̀ 20 yẹn kò ní sí mọ́, kò sì ní sí ohun tí `l1` máa sọ di ńlá.

Ìṣòro kẹta wà nínú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kékeré tí a fi ń ṣe iṣẹ́ báyìí kì í wo táǹkì láìdúró. Ó ń kà á lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ká ní ó ń kà á ní ìdajì ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, tí a sì kọ ìṣirò rẹ̀ ní ọ̀nà tó rọrùn jù, ìyẹn kí a fi ìyípadà ìsinsìnyí lọ́nà 0.5 kún èrò àtijọ́. Póòlù -1.6 yóò máa fi 0.2 sọ àṣìṣe di púpọ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni pé ó ń dín in kù kíákíá. Póòlù -4 ti ìlọ́po mẹ́wàá yóò máa fi -1 sọ ọ́ di púpọ̀: àṣìṣe yóò máa fò sókè sódò láìdín kù títí ayé. Póòlù -8 ti ìlọ́po ogún yóò fi -3 sọ ọ́ di púpọ̀, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ iye inú kọ̀ǹpútà yóò ti ya wèrè. Ẹni tó bá rí i tí èrò olùwòye ń yí àmì padà ní kíkà kọ̀ọ̀kan, kó má ṣe bú sẹ́ńsọ̀. Kíkà tí kò tó ìyára póòlù ló fà á.

Ohun tí kò sí nínú òfin méjì sí márùn-ún

Kí Luenberger tó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ pàápàá, àwọn kan ti wá ọ̀nà tó yàtọ̀ sí kí a máa fojú yan póòlù. Ní 1961, Kálmán àti Richard Bucy fi hàn pé bí a bá mọ bí sẹ́ńsọ̀ ṣe ń ru tó, tí a sì mọ bí pọ́ǹpù ṣe ń ṣì wí tó, ìṣirò fúnra rẹ̀ lè yan `l1` àti `l2`. Póòlù olùdarí kò sí nínú ìṣirò yẹn rárá. Ìyẹn jẹ́rìí sí ohun tí táǹkì wa ti sọ: ríru sẹ́ńsọ̀ ló ń dá òkè dúró, àìpé ìṣirò ló ń dá ilẹ̀ dúró.

Ní 1978, John Doyle tẹ ìwé kúkurú kan jáde tó fi hàn pé bí a bá so olùdarí tó dára jù pọ̀ mọ́ olùwòye Kálmán tó dára jù, kò sí ìdánilójú kankan pé ẹ̀rọ náà yóò fara da àṣìṣe kékeré nínú ìṣirò wa. Olùdarí nìkan, bí ó bá rí gbogbo ipò, ní ààyè tó pọ̀ fún irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Bí olùwòye bá wọ àárín, ààyè náà lè tán. Ẹ̀kọ́ tí mo rí fà yọ níbẹ̀ ni pé póòlù mẹ́rin tó dúró níbi tí a fi wọ́n sí lórí ìwé kò tó láti fọkàn balẹ̀. Kí a yí 0.2 inú páìpù padà sí 0.15, kí a tún yí i sí 0.25, kí a sì tún póòlù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣírò nígbà méjèèjì, kí a tó gbé e lọ sórí táǹkì.

Bí a ṣe ń mọ̀ pé olùwòye ti ṣìnà

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín `h2` tí sẹ́ńsọ̀ kà àti èyí tí olùwòye rò ni kí a máa kọ sílẹ̀. Bí nǹkan bá ń lọ déédéé, yóò máa lọ sókè sódò ní àyíká òdo. Bí ó bá dúró sí apá kan, ìṣirò àti táǹkì kò bára mu mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe retí ìyàtọ̀ ńlá. Nígbà tí pọ́ǹpù dín lítà 12 kù, tí olùwòye wà ní ìlọ́po mẹ́rin, ìyàtọ̀ tó hàn nínú sẹ́ńsọ̀ kò ju mìlímítà kan àti díẹ̀ lọ, nígbà tí àṣìṣe tó fara pamọ́ ní táǹkì kìíní jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1.6. Ní ìlọ́po mẹ́wàá, ìyàtọ̀ tó hàn jẹ́ mìlímítà 0.2 péré. Olùwòye tó bá yára jù ń fi ojú ara rẹ̀ pamọ́ fún ẹni tó fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Nítorí náà, ọ̀pá tí a ti fi àmì sí lára ló dára jù láti fi dán an wò. Kí a tì í bọ táǹkì kìíní lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta ní àsìkò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí a fi wé èrò olùwòye. Bí ìyàtọ̀ bá ń yí padà pẹ̀lú bí iná ṣe rí, pọ́ǹpù ni. Bí ó bá jẹ́ iye kan náà nígbà gbogbo, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ sẹ́ńsọ̀ ni a kò gbé sí ibi tó yẹ. Sẹ̀ǹtímítà 1 tí sẹ́ńsọ̀ bá fi ṣì, olùwòye yóò fi nǹkan bíi 1.4 ṣì táǹkì kìíní. Kò sí póòlù tó ń wo irú àrùn yìí sàn. Ẹni tó gbé sẹ́ńsọ̀ ni yóò tún un gbé.

Àṣìṣe kan tún wà tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ká ní pọ́ǹpù kò lè mú ju lítà 100 wá láàárín ìṣẹ́jú kan, tí olùdarí sì bèèrè 150. Iye tó yẹ kí olùwòye gbọ́ ni 100, kì í ṣe 150. Ẹni tó bá fi àṣẹ olùdarí ránṣẹ́ sí olùwòye láìgé e sí agbára pọ́ǹpù yóò rí i tí olùwòye ń ka omi tí kò wọlé mọ́ táǹkì, yóò sì máa fi ìyára wá ojútùú sí ohun tí ìlà kan nínú ètò kọ̀ǹpútà lè tún ṣe.

Ìdájọ́

Fún táǹkì méjèèjì yìí, ìlọ́po mẹ́rin ni mo yàn, kì í ṣe torí pé ó bọ́ sáàárín méjì sí márùn-ún. Ríru rẹ̀ kò ju mìlímítà kan àti díẹ̀ lọ, ó sì wà ní ìsàlẹ̀ ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi ọ̀pá wọ̀n. Àṣìṣe pọ́ǹpù rẹ̀ kò tó sẹ̀ǹtímítà méjì. Kíkà ní ìdajì ìṣẹ́jú tó fún un. Kò sí ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí tó wá láti ara póòlù olùdarí.

Ẹ̀yin tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìlọ́po méjì sí márùn-ún bí àwọn ìwé ṣe wí, àmọ́ ẹ má ṣe parí síbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ dá pọ́ǹpù dúró, kí ẹ ka sẹ́ńsọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ tún kà á nígbà tí pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́, kí ẹ mọ bó ṣe ń ru tó. Ẹ wọn omi tí pọ́ǹpù ń mú wá nígbà tí iná dára àti nígbà tí kò dára. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi kún ìyára títí ríru tó wọ èrò yín lórí táǹkì kìíní yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú àṣìṣe tí pọ́ǹpù ń fà, kí ẹ sì dúró kó tó kọjá rẹ̀, tàbí kí póòlù tó yára ju ohun tí kíkà kọ̀ǹpútà lè gbà lọ. Bí àṣìṣe pọ́ǹpù bá ṣì pọ̀ jù níbẹ̀, ẹ fi ohun kẹta kún olùwòye. Ẹ má ṣe fi kún ìyára mọ́.